Oníbàárà Tó Sọnù Láàárín Ojú-Ìwé Méjì

Ẹ jẹ́ ká ní ilé ìtajà kan ní oníbàárà 48,000, ó sì fẹ́ kó àkọsílẹ̀ gbogbo wọn jáde lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gbowó lórí ìntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kọ kóòdù rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà kò ráhùn, fáìlì jáde, ìlà inú rẹ̀ sì jẹ́ 48,000 géérégé. Síbẹ̀ àwọn kan wà nínú fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kan kò sì sí níbẹ̀ rárá. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kan ń gbà béèrè nǹkan lọ́wọ́ òmíràn, tí wọ́n ń pè ní API, kì í kó 48,000 fúnni lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú. Ní ti Paystack, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, bí o kò bá sọ iye tí o fẹ́, 50 ni yóò fún ọ, ìwọ yóò sì máa béèrè ojú-ìwé tó kàn:

```
GET https://api.paystack.co/customer?perPage=50&page=2
```

Ohun tí ojú-ìwé kejì túmọ̀ sí nínú irú ètò báyìí ni pé kí wọ́n ka 50 láti òkè, kí wọ́n fò wọ́n, kí wọ́n sì mú 50 tó tẹ̀ lé e wá. Ọ̀tun ni wọ́n ń ka iye yìí nígbàkúùgbà tí o bá béèrè. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Níbi tí ẹni tuntun bá ti ń wà lókè, tí ènìyàn 3 bá forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí o gba ojú-ìwé kìn-ín-ní, gbogbo ènìyàn yóò sún sísàlẹ̀. Àwọn tó wà ní ipò 48 sí 50 yóò bọ́ sí 51 sí 53, ìwọ yóò sì tún rí wọn. Èyí ṣì dára díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n pa ènìyàn 3 rẹ́ lókè ni, àwọn tó wà ní 51 sí 53 yóò gòkè sí 48 sí 50, sínú ojú-ìwé tí o ti kọjá. O kò ní rí wọn mọ́. Bí méjèèjì bá ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà, iye ìlà lè pé síbẹ̀.

Stripe ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ra Paystack ní 2020, gba ọ̀nà mìíràn. Kì í béèrè nọ́ńbà ojú-ìwé. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà tí o rí kẹ́yìn ni ó fẹ́:

```
GET /v1/customers?limit=100&starting_after=cus_B7k2
```

Bí ẹni tó bá sọ lórí ìlà pé ẹ̀yìn Bísí ni òun wà ni: ẹni yòówù kó wọlé síwájú, ẹ̀yìn Bísí kò yí padà. Èsì náà máa ń gbé `has_more` wá, kí o máa bá a lọ títí yóò fi di `false`. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí o bẹ̀rẹ̀ kò ní sí nínú fáìlì, nítorí òkè ni wọ́n bọ́ sí. Ó yẹ kí o padà wá mú wọn nípa ọjọ́ tí wọ́n wọlé.

100 ni iye tó pọ̀ jù tí Stripe ń fúnni lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìbéèrè 480 ni 48,000 gbà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìṣẹ́jú 4 péré ni. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti sáré, ṣùgbọ́n àwọn kan a máa da ìbéèrè 20 sí i lójú kan náà. Sáfà yóò wá dá wọn lóhùn pẹ̀lú 429, nọ́ńbà tí wọ́n fi sínú òfin ìntánẹ́ẹ̀tì ní 2012 láti sọ pé ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù. Kóòdù tí kò gbọ́n yóò rò pé ojú-ìwé náà ṣófo, yóò sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ó tún lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: níbi tí òdiwọ̀n náà bá ti jẹ́ ti àkáǹtì lápapọ̀, ìkánjú rẹ lè mú kí wọ́n dá ẹni tó ń sanwó lọ́wọ́ nínú ilé ìtajà náà padà.

Bí 429 bá dé, wo inú èsì bóyá `Retry-After` wà níbẹ̀, kí o sì dúró fún iye ìṣẹ́jú àáyá tó kọ síbẹ̀. Bí kò bá sí, dúró fún 1, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 8, kí o sì fi díẹ̀ tí kò ní iye pàtó lé e, kí ètò méjì má baà padà wá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì ná, kí o tó fi nọ́ńbà ẹni ìkẹyìn rẹ̀ pamọ́. Bí iná bá lọ ní ojú-ìwé 311, ibẹ̀ ni wàá ti máa bá a lọ, ohun tó sì burú jù ni pé ojú-ìwé kan yóò wọlé lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ yóò tètè tú fó.

Ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó kó àkọsílẹ̀ jáde fún yín, ẹ ní kó ka iye nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó yàtọ̀ síra nínú fáìlì náà. Ẹ má ṣe gba iye ìlà lọ́wọ́ rẹ̀.