Bí A Ṣe Ń Pín Orúkọ Kíkún sí Méjì Láìsọ Ẹnikẹ́ni Nù

Akínwándé Olúwọlé Babátúndé Ṣóyínká ni orúkọ Wọlé Ṣóyínká ní kíkún. Ká ní akọ̀wé kan tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú Excel, tó wá pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ṣe orúkọ àbísọ, kó mú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ṣe orúkọ ìdílé. Akínwándé Ṣóyínká ló máa jáde. Olúwọlé, ibi tí orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ti wá, ti pòórá, Babátúndé náà sì ti bá a lọ. Ẹ̀rọ ò ní pariwo. Kọ́lọ́ọ̀mù méjèèjì máa kún dáadáa, ẹni tó bá wò ó gààràgà máa rò pé iṣẹ́ ti parí.

Irú iṣẹ́ yìí ò jìnnà sí wa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ti ń kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sí ojú kan ṣoṣo láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Lọ́jọ́ kan, báńkì ní òun fẹ́ orúkọ ìdílé lọ́tọ̀, òun fẹ́ orúkọ yòókù lọ́tọ̀. Ohun tó yẹ kí akọ̀wé mọ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan ni pé kọ̀ǹpútà ò mọ orúkọ ìdílé, kò sì mọ orúkọ àbísọ. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tó dára láti pín orúkọ ni èyí tó jẹ́ pé, bí a bá tún àwọn ègé rẹ̀ so pọ̀, orúkọ tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú la máa rí, láìyọ lẹ́tà kan.

Ibi tí orúkọ ti ń sọnù

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ẹgbẹ́ 42 ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ wà ní kọ́lọ́ọ̀mù A, orúkọ kíkún wà ní B, nọ́ńbà fóònù wà ní C. Fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ ní kí kálukú kọ orúkọ ìdílé síwájú, ọ̀pọ̀ sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ gbà ni kí wọ́n yan kọ́lọ́ọ̀mù B, kí wọ́n lọ sí `Data`, kí wọ́n tẹ `Text to Columns`, kí wọ́n mú `Delimited` àti `Space`, kí wọ́n sì tẹ `Finish`. Bí ẹ kò bá yí ohun tó wà nínú `Destination` padà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ máa jókòó sórí orúkọ kíkún fúnra rẹ̀ ní B, ọ̀rọ̀ kejì máa bọ́ sí C, níbi tí nọ́ńbà fóònù wà, ọ̀rọ̀ kẹta máa bọ́ sí D. Excel máa béèrè lẹ́ẹ̀kan péré, pé: `There's already data here. Do you want to replace it?` Ohun tó ń béèrè ni bóyá kí òun kọ nǹkan tuntun lé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí. Ẹni tí ojú ń kán máa tẹ `OK`, nọ́ńbà fóònù á sì lọ. `Ctrl+Z` lè dá a padà bí ẹ bá tètè rí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi fáìlì náà pamọ́, tí ẹ sì ti pa á dé, ó ti bọ́.

Àwọn mìíràn máa ń lo fọ́múlà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń wá àlàfo àkọ́kọ́, á sì gé orúkọ níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ Bísí nìkan ò ní àlàfo kankan, nítorí náà `#VALUE!` ló máa hàn níwájú rẹ̀. Akọ̀wé tí ìríra gbà máa pa ìlà náà rẹ́ nítorí pé ó ń ba ojú ìwé jẹ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣe jáde nínú ìwé nìyẹn.

Fífọ orúkọ kí a tó pín in

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ojú ìwé náà, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Ẹ rí i dájú pé ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní A, torí nọ́ńbà yẹn la máa fi mọ ẹni tó ni ìlà kódà bí orúkọ bá dàrú. Kọ́lọ́ọ̀mù B kò ní yí padà títí iṣẹ́ á fi parí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fífọ̀ kàn. Ẹlòmíràn tẹ àlàfo síwájú orúkọ, ẹlòmíràn tẹ àlàfo méjì láàárín. `TRIM` máa ń yọ irú èyí kúrò. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a dà kọ láti ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè ní àlàfo mìíràn nínú, tó jọ ti àtẹ̀yìnwá lójú, àmọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ 160, nígbà tí ti àlàfo gidi jẹ́ 32. `TRIM` ò lè fọwọ́ kan 160. A ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di àlàfo gidi. Ẹ tẹ èyí sínú D2, kí ẹ sì fà á dé ìlà 43:

```
=TRIM(SUBSTITUTE(B2,UNICHAR(160)," "))
```

Ní E2, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ka iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan:

```
=IF(D2="",0,LEN(D2)-LEN(SUBSTITUTE(D2," ",""))+1)
```

Nínú ìwé wa, 31 ní ọ̀rọ̀ méjì, 7 ní mẹ́ta, 3 ní mẹ́rin, ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 42, nítorí náà kò sí ìlà tó ṣófo. Bí 0 bá hàn níbì kankan, ìlà yẹn ò ní orúkọ rárá, ẹ sì gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀. Ẹ ti wá mọ ibi tí iṣẹ́ wà báyìí: ìlà 11 ló nílò ojú èèyàn ní pàtó.

Pínpín àti títún so pọ̀

Ẹ fi F sílẹ̀ fún oyè. Orúkọ ìdílé máa wà ní G, àwọn orúkọ yòókù ní H:

```
=LEFT(D2,FIND(" ",D2&" ")-1)
=MID(D2,FIND(" ",D2&" ")+1,LEN(D2))
```

Agbára fọ́múlà yìí wà nínú `D2&" "`. Ó ń fi àlàfo kan kún ẹ̀yìn orúkọ, kí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà lè ní ibi tí a ti máa gé e. Bísí máa wọ G, H máa ṣófo, `#VALUE!` ò sì ní yọjú. Ẹ tún kíyè sí i pé H ń gba gbogbo ohun tó ṣẹ́kù, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí mẹ́ta, nítorí náà kò sí orúkọ àárín tó máa bọ́. Àwọn fọ́múlà wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ nínú Excel àti Google Sheets bákan náà.

Ní I2, ẹ so ó pọ̀ padà, kí ẹ fi wé ti àkọ́kọ́:

```
=OR(EXACT(TRIM(F2&" "&G2&" "&H2),D2),
EXACT(TRIM(F2&" "&H2&" "&G2),D2))
```

Ó ń dáhùn `TRUE` bí àwọn ègé bá so pọ̀ di orúkọ tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, yálà orúkọ ìdílé wà níwájú tàbí lẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa fọ́múlà tán, gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ `TRUE`. Ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tún orúkọ ṣe ni ẹ máa rí ìwúlò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni lẹ́tà ti ń bọ́. Ní ìparí, `=COUNTIF(I2:I43,TRUE)` gbọ́dọ̀ jẹ́ 42.

Ohun tí TRUE ò lè sọ

`TRUE` ń jẹ́rìí pé nǹkan kan ò sọnù. Kò jẹ́rìí pé nǹkan wà ní ibi tó yẹ. Alhaji Saka Yusuf máa fún wa ní `TRUE`, bẹ́ẹ̀ Alhaji ló jókòó sípò orúkọ ìdílé. Ẹ tẹ `Filter`, kí ẹ ṣí àkójọ tó wà lókè kọ́lọ́ọ̀mù G. Excel máa to gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, Alhaji, Dókítà, Olóyè àti Pásítọ̀ á sì hàn síta. Ẹ tẹ oyè sí F, Saka sí G, Yusuf sí H. Bí ẹ bá gbàgbé Yusuf, I máa di `FALSE` lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó le jù ni ẹni tó kọ orúkọ àbísọ síwájú láìka ohun tí fọ́ọ̀mù sọ sí. Bọ́lá Adéyẹmí àti Adéyẹmí Bọ́lá kò yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ. Adéyẹmí pàápàá lè jẹ́ orúkọ ìdílé ẹnì kan, kó sì jẹ́ orúkọ àbísọ ẹlòmíràn. Fọ́ọ̀mù tí ẹni náà fọwọ́ sí, káàdì rẹ̀ tàbí ẹnu rẹ̀ nìkan ló lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé orúkọ ìdílé ló kẹ́yìn ní ìlà kan, ẹ fi méjì yìí rọ́pò ti G àti H níbẹ̀:

```
=TRIM(RIGHT(SUBSTITUTE(D2," ",REPT(" ",100)),100))
=TRIM(LEFT(D2,LEN(D2)-LEN(G2)))
```

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nìkan ni èyí ń mú, ó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Láàárín àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà sí Èkó, orúkọ ìdílé ọ̀rọ̀ méjì wọ́pọ̀. Candido da Rocha, olówó Èkó ayé àtijọ́, máa di Rocha ní G, "da" á sì lẹ̀ mọ́ Candido. Bí a bá kọ ọ́ ní da Rocha Candido, tí a lo fọ́múlà àkọ́kọ́, "da" nìkan ló máa di orúkọ ìdílé. Ìdílé Ransome-Kútì bọ́ lọ́wọ́ èyí nítorí àmì ìsopọ̀ tó wà láàárín orúkọ wọn. Ẹni tó bá fi àlàfo rọ́pò àmì náà ti kó wọn sínú wàhálà kan náà. Ọwọ́ la fi ń tún irú àwọn ìlà yìí ṣe, wọ́n sì máa ń wà lára àwọn tí E kọ 3 tàbí 4 síwájú wọn.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́

G àti H ṣì jẹ́ fọ́múlà tó gbára lé D, D náà sì gbára lé B. Ẹni tó bá pa B rẹ́ báyìí máa rí `#REF!` láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ da F, G àti H kọ, kí ẹ sì lẹ̀ wọ́n padà síbi tí wọ́n wà pẹ̀lú `Paste Special` àti `Values`, kí wọ́n lè di ọ̀rọ̀ lásán.

Bí báńkì bá ní fáìlì CSV lòun fẹ́, ẹ mú `CSV UTF-8` nínú Excel. Nínú CSV lásán, Ẹ, Ọ àti Ṣ lè di àmì ìbéèrè, fọ́múlà kankan ò sì lè mú wọn padà bọ̀ láti inú fáìlì yẹn.

Ìlà Bísí ló kù. Ẹ má ṣe hùmọ̀ orúkọ kejì fún un, ẹ má sì tẹ orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí fọ́ọ̀mù báńkì lè gbà á. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ṣì wà ní C. Ẹ pè é, kí ẹ béèrè orúkọ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí B, kí ẹ sì tún tẹ fọ́múlà G àti H sí ìlà tirẹ̀ nìkan.