Fáyàwọ́ọ̀lù: Ta Ló Ń Kiri, Ta Ló Wá Bá Yín?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí àkọsílẹ̀ fáyàwọ́ọ̀lù ọ́fíìsì kékeré lè bẹ̀rù. Ìlà lórí ìlà ló ń sọ pé àjèjì kan kanlẹ̀kùn, a sì dá a padà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn àjèjì yìí kò mọ̀ pé ọ́fíìsì náà wà láyé.

Àdírẹ́sì IPv4 tó wà kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Míṣígàn gbé irinṣẹ́ ZMap jáde, èyí tó lè kan pọ́ọ̀tù kan lára gbogbo wọn láàárín ìṣẹ́jú 45. Lọ́dún 2016, Mirai ń kan pọ́ọ̀tù 23 àti 2323 kiri ayé, ó ń wá kámẹ́rà àti rọ́tà tí yóò sọ di ẹrú. Irú wọn ṣì ń rìn, ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ìlà bí èyí, tí a gé kúrú:

```
[UFW BLOCK] SRC=198.51.100.23 DPT=23
```

SRC ni ibi tó ti wá, DPT ni pọ́ọ̀tù tó kàn. Alákiri ọjà ni: ó pè lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kò dáhùn, ó kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọ́fíìsì kan yẹ̀ wò, tó ṣí pọ́ọ̀tù 2200 fún òṣìṣẹ́ tó ń fi SSH wọlé láti ilé. Lọ́jọ́ Ajé, 192.0.2.44 kan pọ́ọ̀tù márùn-ún. 2200 nìkan ló dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá, 2200 nìkan ló sì kàn. Èyí yẹ ní àkíyèsí, ṣùgbọ́n kò tíì tó ẹ̀rí, nítorí ẹ̀rọ alákiri náà máa ń padà síbi tó ti rí ìdáhùn. Fáyàwọ́ọ̀lù kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú àkọsílẹ̀ sáfà ni ìyókù wà:

```
Failed password for invalid user admin from 192.0.2.44
Failed password for folake from 192.0.2.44
```

Ìlà àkọ́kọ́ fi hàn pé kò sí akáǹtì tó ń jẹ́ admin. Ẹ̀rọ ló ń méfò. Ìlà kejì kò ní "invalid user", torí náà akáǹtì folake wà lóòótọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi Fọlákẹ́ bóyá òun ló ṣi ọ̀rọ̀ ìwọlé tẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun, tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn sì ń tẹ̀ lé e, ẹnìkan ti ka nǹkan nípa yín kó tó dé.

Ẹ tún lè wo àdírẹ́sì náà lórí DShield, níbi tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ti ń kó àkọsílẹ̀ fáyàwọ́ọ̀lù wọn jọ. Bí ọ̀pọ̀ bá ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alákiri. Àmọ́ bí a kò bá rí i níbẹ̀, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ọ̀tá.

Ẹni tó gbọ́n lè pín iṣẹ́ rẹ̀ sórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àdírẹ́sì, kí ó fara pa mọ́ sáàárín ariwo. Nítorí náà, ìlà tí a dá padà kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kà, bí kò ṣe èyí tó wọlé. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "Accepted" nínú àkọsílẹ̀ sáfà, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ mọ ẹni tó ni wíwọlé kọ̀ọ̀kan.