Ìkòkò Ladi Kwali: Ìgbà Wo Ni Amù Di Iṣẹ́ Ọnà?

Ẹ mú owó ₦20 kan, kí ẹ yí i sí ẹ̀yìn. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ yẹn, Ladi Kwali ni. Òun la máa fi dáhùn ìbéèrè tòní: kí ló dé tí wọ́n ń pe iṣẹ́ kan ní iṣẹ́ ọwọ́ lásán, tí wọ́n ń pe òmíràn ní iṣẹ́ ọnà?

Ní èdè Yorùbá, ọnà ni ọnà ń jẹ́, ì báà wà lára igbá, aṣọ, ìkòkò tàbí ère. Yúróòpù ni ààlà yẹn ti wá. Àwọn ayàwòrán ibẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n fẹ́ kí wọ́n ka àwọn kún ọ̀mọ̀wé. Ní 1648, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Párísì lábẹ́ ọba. Wọ́n ní ọpọlọ làwọn fi ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ làwọn yòókù ń lò. Ní 1746, Charles Batteux kọ̀wé tó ya ọnà tó wà fún ìgbádùn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wà fún ìlò.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ òkè wo ọ̀rọ̀ ọpọlọ yẹn. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, tó fẹ̀ tó nǹkan bí ínǹṣì 4. Kò rí odindi aṣọ náà títí wọ́n á fi rán wọn pọ̀. Bí ọnà rẹ̀ bá gbọ́dọ̀ ṣe déédéé, orí ló máa fi ka òwú. Tó bá ṣì í kà, ọnà ibí ò ní bá tọ̀hún mu.

Ti ìlò ńkọ́? Ní ìlú Kwali, Ladi máa ń fọwọ́ mọ amù, tó ń yí i po, kí wọ́n tó fi igi àti koríko sun ún ní gbangba. Ara amù bẹ́ẹ̀ ní ihò wínníwínní. Omi ń rin jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, ìyẹn ló ń mú omi inú rẹ̀ tutù. Bí amù ilé àgbà l'Ọ́fàdà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ní 1954, Ladi wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew, ará Íńgíláǹdì, dá sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́, tó ń jẹ́ Sùlèjá báyìí. Ọwọ́ kan náà ló fi ń mọ ọ́n, àwòrán alángbá àti àkeekèé kan náà ló ń fín sí i. Àmọ́ níbẹ̀, wọ́n ń da èròjà tó ń dán bíi dígí bò ó, wọ́n sì ń sun ún nínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 1,300°C. Omi ò lè rin jáde mọ́, kò sì lè tutù mọ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí àfihàn ní Lọ́ńdọ̀n ní 1958.

Ẹ ò rí i pé ọpọlọ ẹni tó mọ ọ́n ò yí padà. Ìgbà tí ìkòkò náà ò lè ṣiṣẹ́ amù mọ́ ni wọ́n gbà á sáàárín iṣẹ́ ọnà, tí orúkọ ẹni tó mọ ọ́n sì tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá tó mọ amù tó ń mú omi tutù ní tiwọn, ta ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀?