Fóònù Inú Àpò Tó Ń Fi Mẹ́sẹ́ẹ̀jì Ránṣẹ́ Fúnra Rẹ̀

Mo gun ọ̀kadà láti Odò-Ẹrẹ̀ lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí mo ṣe sọ̀ báyìí, ìyá mi pè: “Kí ni ‘ggghhj’ tí o fi ránṣẹ́? Èkejì ò tiẹ̀ ní nǹkan kan nínú!”

Itan mi ló tẹ̀ ẹ́. Ojú fóònù wa kì í wá agbára ọwọ́. Iná mànàmáná kékeré ló wà níbẹ̀, tí ara èèyàn bá sì sún mọ́ ọn, iná náà á yí padà. Aṣọ àpò fẹ́lẹ́ tí òógùn ti rin kò lè dí i. Ojú kan ni itan ń fara ra, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà tó sún mọ́ra fi ń jáde. Bọ́tìnnì àlàfo ló gùn jù lórí kíbọọ̀dù. Òun ló ń bí mẹ́sẹ́ẹ̀jì òfìfo, bí áàpù bá gbà á.

Ẹ̀bi tèmi ni pé mo kì í bọ àpò pẹ̀lú iná lójú. Gbogbo ìfọwọ́kàn ni kò jẹ́ kó kú.

Ẹ fi aṣọ àpò yín bo ìka, kí ẹ tẹ fóònù wò. Bó bá dáhùn, ẹ fi píìnì sí i, kí ẹ tan `Power button instantly locks`, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ kó tó wọ àpò.