Ibi Tí Rílì Òwú Ń Yí Sí

Rílì òwú tó yí wọ abẹ́ ibùsùn, tí etí òwú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni, ṣeé fà jáde láìjẹ́ pé a rá wọ abẹ́ ibùsùn. Ṣùgbọ́n bí òwú bá gba abẹ́ rílì jáde, tí ẹni tó ń fà á sì gbé ọwọ́ sókè, ńṣe ni rílì á túbọ̀ máa sá wọ inú òkùnkùn lọ. Bó bá sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí òwú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, rílì kan náà á yíjú padà, á sì máa bọ̀. Agbára tó fi fà á lè má yàtọ̀ rárá. Ìdagẹ̀rẹ̀ òwú ló yàtọ̀.

Láti rí ohun tó fà á, ó dára ká fi rílì tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ ṣe é. Ìdérí agolo méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, tí a kàn mọ́ orí méjèèjì igi róbótó kan tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, ti di rílì. Láti àárín dé etí ìdérí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3. Láti àárín dé ara igi jẹ́ 1.5. A ká okùn tín-ínrín mọ́ igi náà, a sì jẹ́ kó gba abẹ́ igi jáde sọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí ẹni tó máa fà á wà. Ìdérí méjèèjì ló kan tábìlì. Igi àárín kò kàn án.

Bí a bá ní kí ènìyàn sọ ibi tí rílì yìí máa yí sí nígbà tí a bá fa okùn náà ní ìtẹ́jú, tó bá tábìlì dọ́gba, ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé ọwọ́ òsì ni. Ohun tí wọ́n rò ni pé okùn tó ń fa abẹ́ igi sọ́tùn-ún á mú kí rílì máa tú okùn sílẹ̀, á sì fi bẹ́ẹ̀ yí lọ sẹ́yìn. Àṣìṣe náà yéni, nítorí àárín rílì ni wọ́n ń wò bí ẹni pé ibẹ̀ ni nǹkan náà ti ń yí. Wọ́n gbàgbé pé tábìlì náà di rílì mú nísàlẹ̀, àti pé ìdìmú yẹn ní ipa tirẹ̀.

Nígbà tí nǹkan róbótó bá ń yí lórí ilẹ̀ láìyọ̀, ojú ibi tó ti kan ilẹ̀ kì í sún ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Gbogbo ara yòókù ló ń yí ká a. Nítorí náà, ibẹ̀ ló yẹ ká ti wọn agbára ìyí. Agbára ìyí ni ohun tí à ń rí nígbà tí mẹkáníìkì bá fi páìpù gùn ọwọ́ sípánà: bí ibi tó ti ń fà ṣe jìnnà sí nọ́ọ̀tì tó, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀tì ṣe máa rọrùn láti tú. Ìwọ̀n rẹ̀ ni agbára tí a fi fà, ní ìlọ́po jíjìnnà tí ìlà tí a fà á sí jìnnà sí ojú tí nǹkan ti ń yí. Bí ìlà náà bá gba ojú yẹn gan-an kọjá, kò sí ìyí kankan, bó ti wù kí agbára náà pọ̀ tó.

Ìdí tí ojú ìkanlẹ̀ fi rọrùn láti lò nìyí. Ìdìmú tábìlì ń gba ojú yẹn kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni bí tábìlì ṣe ń ti rílì sókè. Ìwúwo rílì pẹ̀lú ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà sí ojú kan náà. Nínú gbogbo agbára tó wà lára rílì, okùn nìkan ló ṣẹ́kù tó lè yí i.

Ní ìtẹ́jú, okùn náà gba òkè ojú ìkanlẹ̀ kọjá, ní sẹ̀ǹtímítà 1.5, ìyẹn 3 tí a yọ 1.5 kúrò. Ohun tí a bá fà sọ́tùn-ún lókè ojú tó dúró máa ṣubú sọ́tùn-ún ni. Rílì á yí wá bá ẹni tó ń fà á, á sì máa ká okùn mọ́ra bó ṣe ń bọ̀. Èyí ló sábà máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: bí ọwọ́ bá sún sẹ̀ǹtímítà 10, rílì á rìn 20, nítorí pé ara igi níbi tí okùn ti kúrò ń rìn ní ìdajì eré àárín rílì. Rílì á lé ọwọ́ bá.

Bí a bá ń gbé okùn sókè díẹ̀díẹ̀, ìlà rẹ̀ á máa súnmọ́ ojú ìkanlẹ̀. Ní dígírì 30, ó ku sẹ̀ǹtímítà 1.1. Ní dígírì 60, ìlà náà gba ojú ìkanlẹ̀ kọjá gẹ́lẹ́, agbára ìyí sì di òfo. Ní dígírì 80, ó ti bọ́ sí òdìkejì pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 1, rílì sì ń yí lọ sọ́wọ́ òsì, ó ń tú okùn sílẹ̀. Igun ààlà náà, fún rílì èyíkéyìí, ni èyí tí `cos θ = r/R` fún, níbi tí `r` jẹ́ ìwọ̀n láti àárín dé ibi tí okùn ti kúrò, tí `R` sì jẹ́ ìwọ̀n láti àárín dé etí ìdérí.

Ẹni tí kò fẹ́ ṣe ìṣirò lè fi ojú wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Kó fa ìlà okùn náà gùn lọ́kàn títí yóò fi kan tábìlì. Bó bá kan tábìlì ní òdìkejì rílì, rílì ń bọ̀. Bó bá kàn án láàárín rílì àti ẹni tó ń fà á, rílì ń lọ.

Ní igun ààlà gan-an, rílì kì í yí síbì kankan. Bí a bá rọra fà á, á dúró. Bí a bá fi kún un, á kàn máa yọ̀ wá bí ẹni ń wọ́ àpótí. Lórí tábìlì tí ìdìmú rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 nínú 10 ìwọ̀n tí rílì fi tẹ̀ ẹ́, rílì yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nígbà tí agbára tí a fi fà á bá tó nǹkan bí ìdá 4 nínú 10 ìwúwo rẹ̀. Okùn tó dagẹ̀rẹ̀ ń gbé díẹ̀ nínú ìwúwo náà, ìyẹn ni ìdìmú fi dín kù.

Ìyọ̀ yìí náà ló máa ń da ìdánwò rú. Lórí táìlì tó ń dán, tàbí bí a bá já okùn náà gbà lójijì, rílì á yọ̀ wá sọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n á máa yí bí ẹni tó ń lọ sósì. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ lè rò pé àlàyé yìí kò tọ̀nà, nígbà tó jẹ́ pé ìdìmú ilẹ̀ ló já. Kó fi aṣọ tàbí pépà líle tẹ́ tábìlì, kó sì fà á jẹ́jẹ́.

Rílì òwú ti télọ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí pé `r` rẹ̀ ń dín kù bí a ṣe ń lo òwú. Nígbà tó kún, tí òwú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí, tí `r` jẹ́ ìdá 9 nínú 10 `R`, igun ààlà kò ju nǹkan bí dígírì 26 lọ. Nígbà tí òwú bá ti lọ títí `r` fi ku ìdajì, ó ti di 60. Bí a bá fà á ní dígírì 40, rílì tó kún á sá lọ, èyí tó ti ń tán á sì bọ̀.

Gbogbo èyí jẹ́ ti òwú tó gba abẹ́ jáde. Bó bá gba òkè jáde, ìlà rẹ̀ jìnnà sókè sí ojú ìkanlẹ̀, rílì á sì máa bọ̀ bóyá a fà á ní ìtẹ́jú tàbí tí ọwọ́ gbé e sókè, àní títí dé òkè tààrà. Òwú nìkan ni á máa tú sílẹ̀: kí rílì tó rìn sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìtẹ́jú, ọwọ́ ti ní láti sún 15.