Múnísípálítì, Dísíríìtì, Káńtì, Pirifẹ́kíṣọ̀: Orúkọ Kan Náà, Ìtumọ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Àwọn kan wà ní Bódìjà àti Àgbowó tí ìwé àtijọ́ bàbá wọn ń gbé "Ìjọba Múnísípà Ìbàdàn". Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ kọ ìwé ìbéèrè lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ 33 ni wọ́n máa bá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sì sí èyí tó ń jẹ́ múnísípà nínú wọn. Èwo ni kí wọ́n mú?

Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ pín Múnísípà Ìbàdàn sí márùn-ún: Ìbàdàn Àríwá, Àríwá-Ìlà-Oòrùn, Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Bódìjà àti Àgbowó bọ́ sí Ìbàdàn Àríwá, Dùgbẹ̀ bọ́ sí Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, Ríìn Róòdù sì bọ́ sí Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Nítorí náà, orúkọ ìwé àtijọ́ yẹn nìkan kò lè sọ èyí tí èèyàn máa mú nínú márùn-ún. Agboolé ló máa sọ ọ́. Ẹni tí agboolé bàbá rẹ̀ wà ní Kúdẹtì, tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé Bódìjà, ọmọ Gúúsù-Ìlà-Oòrùn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn Àríwá ni ilé tó ń gbé wà. Bí ìwé ìbéèrè bá ní kó kọ ibi tó ti wá, tó wá kọ ibi tó ń gbé, ìwé rẹ̀ kò ní bá ìwé-ẹ̀rí ọmọ-onílẹ̀ mu.

Lédè wa, ìlú ni ọ̀rọ̀ múnísípà ń tọ́ka sí. Ní Gánà, ipò ni. Dísíríìtì ni wọ́n ń pe ìjọba ìbílẹ̀ wọn níbẹ̀. Èyí tí èèyàn inú rẹ̀ bá tó 95,000, tó sì jẹ́ ìlú kan ṣoṣo, lè di múnísípà. Bó bá tó 250,000, ó tún lè gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ààrẹ ló ń yan olórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìgbìmọ̀ ibẹ̀ á sì fọwọ́ sí i. Ní Nàìjíríà ńkọ́? Dísíríìtì tí a mọ̀ jù ni ti sẹ́nétọ̀, mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò ní alága, kò sì ní àpò owó. Ibi tí a ti ń dìbò yan aṣòfin kan ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọdá sí ọ̀dọ̀ àwọn ará wa tó ń sọ Faransé. Ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀ka 12 ni orílẹ̀-èdè náà ní, ìjọba àpapọ̀ sì ń yan pirẹ́fẹ̀ kan lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí. Pirifẹ́kíṣọ̀ ni ọ́fíìsì pirẹ́fẹ̀ náà. Lábẹ́ ẹ̀ka ni kọ́múùnù 77 wà, tí àwọn ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ń ṣàkóso. Kétu jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní ẹ̀ka Pìlátò. Àmọ́ ìwé ìbí àtijọ́ láti Kétu lè pè é ní "igbákejì pirifẹ́kíṣọ̀", nítorí orúkọ tó ń jẹ́ kó tó di kọ́múùnù nìyẹn. Bíi Múnísípà Ìbàdàn, orúkọ ló yí padà, Kétu kò yẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá dé Atakpamé ní Tógò, ilẹ̀ ni pirifẹ́kíṣọ̀, kì í ṣe ọ́fíìsì. Pirifẹ́kíṣọ̀ Ògù ni Atakpamé wà, Ògù náà sì wà lábẹ́ ẹkùn kan. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ìpínlẹ̀" ti gbé e sókè jù. Ní Jàpáànù, ìtumọ̀ yẹn ìbá sún mọ́ ọn, nítorí pirifẹ́kíṣọ̀ 47 ni ìpín tó tóbi jù níbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ń dìbò yan gómìnà wọn.

Bákan náà ni káńtì. Ìlú Hústìn ní Amẹ́ríkà, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, fẹ̀ jù sínú Káńtì Háríìsì, káńtì náà sì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì. Ní Kẹ́ńyà, káńtì 47 ló wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ tààrà, wọ́n sì ti ń dìbò yan gómìnà wọn láti ọdún 2013. Káńtì 15 ni Làìbéríà ní, wọ́n wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ tààrà bíi ti Kẹ́ńyà, ṣùgbọ́n ààrẹ ló ń yan olórí wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ túmọ̀ ìwé tàbí kọ ìwé ìbéèrè, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ọ̀rọ̀ náà. Ta ló wà lókè rẹ̀ gan-an? Ta ló ń yan olórí rẹ̀? Ọdún wo ni wọ́n kọ ìwé náà? Bí ìdáhùn kò bá ṣe kedere, ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ wá kọ orúkọ orílẹ̀-èdè àti ti ìpín tó wà lókè rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó kọ "Kétu, Ẹ̀ka Pìlátò, Bẹ̀nẹ̀" kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹni tó kọ "Ìpínlẹ̀ Kétu" ti dá ìpínlẹ̀ tí kò sí sílẹ̀.