Ìlà Ni Ká Tẹ̀ Lé, Kì í Ṣe Òpó

Ẹ jẹ́ ká ro tábìlì nọ́ńbà kan pọ̀. Ìlà 1024 ló ní, òpó 1024, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 4. Ẹnì kan ń kà á ní ìlà-ìlà, ẹnì kejì ń kà á ní òpó-òpó. Iye kan náà ni wọ́n máa rí, ṣùgbọ́n ẹnì kejì á pẹ́ níbẹ̀ ju ẹnì kìíní lọ.

Àdírẹ́sì tí ètò kọ̀ǹpútà ń pè kì í ṣe àdírẹ́sì gidi. Wọ́n ti gé mẹ́mórì sí péèjì-péèjì, báìtì 4096 sì ni péèjì kan. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ló mọ ibi tí péèjì kọ̀ọ̀kan wà, inú mẹ́mórì kan náà sì ni ìwé ọ̀hún wà. Kí ọwọ́ tó tẹ nọ́ńbà kan, ẹ̀ẹ̀mejì la ó dé mẹ́mórì: a ó kọ́kọ́ wo ìwé, ká tó wá mú nọ́ńbà. Ìdí nìyẹn tí prósẹ́sọ̀ fi ní ìwé pélébé tirẹ̀, TLB, tó ń kọ àwọn péèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lò sí.

Ká ní wíwo TLB gba nanosẹ́kọ́ńdì 10, tí dídé mẹ́mórì lẹ́ẹ̀kan gba 100. Bí a bá bá péèjì náà nínú TLB, 110 ni. Bí a kò bá bá a, 210 ni. Tí `h` bá jẹ́ ìpín ìgbà tí a ń bá a, àkókò tí à ń ná ní ìpíndọ́gba ni:

```
EAT = h × 110 + (1 − h) × 210
```

Ẹ padà sí tábìlì wa. Ìlà kan jẹ́ 1024 × 4, báìtì 4096 géérégé, ìyẹn péèjì kan. Ẹni tó ń ka ìlà kì í bá péèjì nínú TLB nígbà tó bá kan nọ́ńbà àkọ́kọ́. 1023 tó kù ń bá a níbẹ̀. EAT rẹ̀ kò ju nǹkan bí 110.1 lọ.

Ti ẹni tó ń ka òpó yàtọ̀: ìgbésẹ̀ kan, péèjì tuntun kan. Bí TLB bá gba péèjì 64, tó sì ń yọ èyí tó ti pẹ́ jù láìlò, kí ó tó padà sí péèjì kìíní, 1023 mìíràn ti kọjá, wọ́n sì ti lé e jáde. Kò ní bá ẹyọ kan: `h` di òdo, EAT di 210. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí a tiẹ̀ sọ 64 di 512, òdo náà ni. Àfi kó tó 1024.

Ìṣirò yìí kò ka káàṣì sí. Lórí prósẹ́sọ̀ x86-64, ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀hún sábà máa ń ní ìpele mẹ́rin, nítorí náà àìbá kan lè náni ní 510. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò òun ní àrùn yìí, kó tẹ èyí lórí Linux:

```
perf stat -e dTLB-loads,dTLB-load-misses ./ro
```

Bí iye kejì bá ń sún mọ́ ti àkọ́kọ́, ọ̀nà tí à ń gbà ka tábìlì ni ká kọ́kọ́ wò. Bí kò bá ṣeé yí padà, péèjì ńlá tó jẹ́ 2 MB wà: tábìlì wa jẹ́ 4 MB, péèjì méjì péré á gbà á tán, òpó pàápàá á wá máa bá a nínú TLB. Àmọ́ ètò tó nílò báìtì díẹ̀ á gba 2 MB odindi, èyí tí kò lò á sì ṣòfò.